Lẹ́tà ṣíṣí sí Alága àti Akọ̀wé Àgbà ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, lórí aago tí a fi ń ṣe ìpàdé ìgbìmọ̀ omi

Ẹ̀yin àgbà wa, Alága àti Akọ̀wé Àgbà, pẹ̀lú gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ nílé àti lẹ́yìn odi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Okun o.

Mo kọ ìwé yìí ní gbangba nítorí pé gbangba ni àkọsílẹ̀ ìpàdé ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ti kọ́kọ́ dé. Nínú àkọsílẹ̀ náà, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ojú òpó Wasáàpù gbogbo ọmọ ìlú, ẹ kọ ọ́ pé àwọn aṣojú ilé kò yọjú, pé akápò kò yọjú, pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ṣe àlàyé, àti pé àwọn tí ó jókòó fi ẹnu kò láti gbé kànga ẹ̀rọ tí a fẹ́ gbẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn lọ sí iwájú gbọ̀ngàn ìlú. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ hàn yín ní wákàtí sí wákàtí, kí n sì wá sọ ohun tí a ń béèrè.

1. Ìkéde tí ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà fi síta ní ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú ìpàdé náà sọ pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní àkókò Lọ́ńdọ̀nù ni, àti pé bákan náà ni yóò ṣe rí ní Nàìjíríà. Láti òpin oṣù kẹta ni gbólóhùn yẹn ti jẹ́ òótọ́, ó sì jẹ́ òótọ́ títí di alẹ́ Sátidé, ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n ní òru mọ́jú ọjọ́ Àìkú tí a fẹ́ ṣe ìpàdé gan-an, bí aago ti lu méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dá a padà sí ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù kẹwàá lọ́dọọdún. Láti ìgbà náà ni Nàìjíríà ti fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwọn di aago méje alẹ́ tiwa, ẹnikẹ́ni kò sì tún ìkéde náà kọ.

Àwa márùn-ún tí a ń ṣojú ilé ti péjọ sí pálọ̀ Bàbá olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, nítorí pé ilé tirẹ̀ nìkan ni iná oòrùn wà ní àdúgbò yẹn. A gbé fóònù kan ti agolo mílíìkì lórí tábìlì kí ojú gbogbo wa lè hàn nínú rẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́fà lù, a tẹ líǹkì Súùmù, ó sì gbé wa sí yàrá ìdúró, níbi tí ènìyàn ti ń wojú ẹni tí ó ni ìpàdé pé kí ó ṣílẹ̀kùn. A dúró. Ìyá tí ó ń ṣojú àwọn ọlọ́jà ń béèrè bóyá détà wa ni ó ti tán. A jáde, a tún wọlé, ibi kan náà ni a bá ara wa. Nígbà tí ó di aago mẹ́fà ààbọ̀, tí ilẹ̀ ti ń ṣú, Ìyá gbé ìró rẹ̀ ró, ó ní òun ń lọ kí ọlọ́kadà tó wálé tán. Àwa yòókù kò lè pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Amẹ́ríkà náà máa ń yí aago, ṣùgbọ́n ọjọ́ tiwọn kò bá ti Lọ́ńdọ̀nù mu: ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta ni wọ́n ń sún un síwájú, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá ni wọ́n sì ń dá a padà. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ni èyí bọ́ sí, ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́yìn ti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n wa akápò tí ó wà ní Hiúsítọ̀nù, tí ìpàdé ti máa ń bá ní aago méjìlá ọ̀sán látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wọlé ní aago méjìlá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, nígbà tí aago Lọ́ńdọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ lu márùn-ún. Ó dúró títí, iṣẹ́ sì pè é. Àbúrò wa tí ó wà ní Dùbáì, níbi tí aago kì í yí láéláé, wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí ó ti mọ̀. Ìpàdé kò bẹ̀rẹ̀ títí aago mẹ́wàá fi lù, oorun sì ti gbé e lọ nítorí iṣẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwọn tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni aago náà kò tàn jẹ, àwọn nìkan náà ni ó sì dìbò.

Ibi tí ó dùn wá jù ni ìlà kan nínú àkọsílẹ̀ náà, tí ó sọ pé “àṣà pípẹ́ lẹ́yìn” àwọn ará ilé ti ń di ìṣòro. Ẹ̀yin àgbà wa, gbogbo àwọn tí ẹ sọ pé wọ́n pẹ́ lẹ́yìn ni wọ́n ti dé ní wákàtí kan ṣáájú yín.

2. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé èèṣì ẹ̀ẹ̀kan ni. Bí ẹ ti ṣe ìlànà yẹn, a kò lè ṣàì tún ṣubú, nítorí pé ẹ so ìpàdé mọ́ aago ìlú tí ó ń yí, ẹ sì tún fi sí ọjọ́ tí ó ń yí gan-an. Ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù ni ẹ yàn. Ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù kẹta àti ti oṣù kẹwàá ni Lọ́ńdọ̀nù ń yí aago rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, ọdún 2026, wọn yóò tún sún un síwájú. Ẹni tí ó bá ti há aago méje alẹ́ sórí láti oṣù kọkànlá yóò dé ní ọjọ́ náà, yóò sì bá ìpàdé tí ó ti jẹ wákàtí kan tán.

Nàìjíríà kì í yí aago ní tirẹ̀, kò sì sí ìdí fún un. Ní agbègbè wa, láti Kábà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ojúmọmọ tí ó gùn jù lọ́dún àti èyí tí ó kúrú jù kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyàtọ̀ náà ju wákàtí mẹ́jọ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ọgbọ́n fún un. Èmi kò bá wọn wí. Ohun tí mo ń sọ ni pé tí ẹnì kan bá dúró lójú kan tí ẹnì kejì ń rìn, ara ẹni tí ó dúró ni ó yẹ kí a ti wọn ọ̀nà.

Ìṣòro tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn tún wà nínú kàlẹ́ńdà orí fóònù. Nígbà tí Akọ̀wé Àgbà ń ṣí ìpàdé yìí sínú kàlẹ́ńdà ní oṣù kẹfà, tí ó sì ní kí ó máa tún ara rẹ̀ ṣe lóṣooṣù, ẹ̀rọ béèrè ìlú tí aago náà jẹ́ tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ẹni tí ó bá yan `Europe/London` àti ẹni tí ó bá yan `Africa/Lagos` yóò rí wákàtí kan náà, kò sì ní mọ̀ pé òun ti yan nǹkan méjì tí ó yàtọ̀. Oṣù kẹwàá ni ìyàtọ̀ náà ń jáde. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ó wà nínú kàlẹ́ńdà yín, ẹ ṣí ìpàdé kan nínú oṣù kéje àti ọ̀kan nínú oṣù kejìlá lórí fóònù tí ó wà ní Nàìjíríà: bí wákàtí méjèèjì bá yàtọ̀ síra, Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ so ó mọ́.

3. Ní oṣù kéje ẹ tún kọ “6pm GMT” sínú ìkéde. Lọ́ńdọ̀nù kì í lo `GMT` nínú oṣù kéje. Wọ́n ti fi wákàtí kan kún un nígbà náà. Àbúrò wa ní Dùbáì fi wákàtí mẹ́rin kún ohun tí ẹ kọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, ó rí aago mẹ́wàá alẹ́, ó sì wọlé nígbà tí ẹ ti ń gba àdúrà ìparí. Ìṣirò rẹ̀ pé. Lẹ́tà mẹ́ta tí ẹ kọ ni kò pé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi irú àgékúrú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀; orúkọ ìlú ni kí ẹ máa kọ.

4. Wákàtí kan kì í ṣe nǹkan kan náà fún gbogbo wa. Fún ẹni tí ó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, aago mẹ́fà àti aago méje kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Lọ́dọ̀ wa, láti òpin oṣù kẹwàá sí inú oṣù kọkànlá ni oòrùn ń yára wọ̀ jù lọ láàrin ọdún, ní nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n ní oṣù kéje ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago méje kí ó tó wọ̀. Èyí ni pé ìgbà tí ilẹ̀ wa ń tètè ṣú jù náà ni ìlànà yín sún ìpàdé wọ inú òkùnkùn. Ẹ sì mọ ohun tí òkùnkùn túmọ̀ sí lójú ọ̀nà wa láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìjínigbé ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá tí ẹ ṣe ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, aago méje alẹ́ ni ó bá wa, àwọn méjì tí ilé wọn súnmọ́ ti Bàbá olùkọ́ nìkan ni ó sì lè wá.

5. Mo ti gbọ́ èsì tí àwọn kan ń fọhùn rẹ̀ pé Lọ́ńdọ̀nù ni owó tí ó pọ̀ jù ti ń wá, pé ó sì tọ́ kí àwọn tí ó ń sanwó yan aago. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún owó wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò pọn omi náà ni ó mọ ibi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ́ àpáta, òun náà ni ó mọ ìdí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gbé garawa kọjá títì lóru. Bí kò bá sí níbi ìpàdé, kí ni owó náà yóò ṣiṣẹ́ lé lórí?

6. Ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí ìpàdé ìgbìmọ̀ omi kúrò ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù, kí ó bọ́ sí Sátidé kejì, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní àkókò Nàìjíríà, kí ẹ sì so ó mọ́ `Africa/Lagos` nínú kàlẹ́ńdà àti nínú Súùmù.

Bí a ti ṣe dé orí aago mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò, kí ẹ má baà rò pé ìfẹ́ inú wa ni. A bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn méjì tí wọ́n jìnnà sí ara wọn jù. Hiúsítọ̀nù fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wákàtí méje nígbà òtútù. Dùbáì fi wákàtí mẹ́ta ṣáájú wa ní gbogbo ọdún. Bí a kò bá fẹ́ jí akápò ṣáájú aago méje òwúrọ̀, ìpàdé kò lè bẹ̀rẹ̀ ṣáájú aago méjì ọ̀sán níbí nígbà òtútù. Bí a kò bá fẹ́ kí ti Dùbáì kọjá aago mẹ́wàá alẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti parí ní aago méje níbí. Tiwa tún gé e kúrú sí aago mẹ́fà nítorí oòrùn. Ohun tí ó kù ni aago méjì sí mẹ́fà. Aago méjì Sátidé kò ṣeé ṣe ní ìlú wa, ẹ̀yin náà mọ̀: ẹni tí kò sí níbi òkú àgbà á wà níbi ìgbéyàwó, ìrẹsì kì í sì í dé ọwọ́ ènìyàn ṣáájú aago mẹ́ta. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, tí a fi wákàtí kan àti ààbọ̀ ṣe é, Ìyá ọlọ́jà yóò ti dé ilé kí oòrùn tó wọ̀, nínú oṣù kọkànlá pàápàá.

Ó ní ohun tí yóò ná àwọn ará ìta, n kò ní fi pamọ́. Wákàtí tiwọn ni yóò máa yí báyìí dípò tiwa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ọdún 2026, yóò jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán ní Lọ́ńdọ̀nù àti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ní Hiúsítọ̀nù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, Amẹ́ríkà yóò ti yí aago láti ọjọ́ 8, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù kò tíì yí, nítorí náà Lọ́ńdọ̀nù yóò wà ní aago mẹ́ta síbẹ̀, Hiúsítọ̀nù yóò sì bọ́ sí aago mẹ́wàá. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, Lọ́ńdọ̀nù náà yóò bọ́ sí aago mẹ́rin. Ojúmọmọ ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí, fóònù wọn yóò sì fi wákàtí náà hàn wọ́n fúnra rẹ̀ bí ìwé ìpè kàlẹ́ńdà bá dé ọwọ́ wọn, bí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Wasáàpù lásán ni a fi pè wọ́n.

7. Kí ìkéde kọ̀ọ̀kan máa kọ wákàtí gbogbo ìlú tí ọmọ ìgbìmọ̀ wà, kí a sì ṣírò rẹ̀ fún ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe da ti oṣù tí ó kọjá kọ. Ẹ lè lo èyí fún oṣù kẹta:

“Ìpàdé ìgbìmọ̀ omi, Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù kẹta, ọdún 2026. Nàìjíríà: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lọ́ńdọ̀nù: aago mẹ́ta ọ̀sán. Hiúsítọ̀nù: aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Dùbáì: aago méje alẹ́. Mẹ́líbọ̀ọ̀nù: aago méjì òru mọ́jú Àìkú, ọjọ́ 15. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá fi wákàtí mìíràn hàn, kí ó pe akọ̀wé ṣáájú alẹ́ Ọjọ́bọ̀.”

Ẹ ó rí i pé mo fi Mẹ́líbọ̀ọ̀nù sí i. Ọmọ wa obìnrin tí ó wà ní Ọsirélíà, tí ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ omi, kò ní wákàtí kankan tí ó lè bá Hiúsítọ̀nù àti ilé pàdé láìjẹ́ pé oorun ẹnì kan bàjẹ́ tàbí kí àwa ará ilé wà lójú ọ̀nà nínú òkùnkùn. Àwọn kan dábàá pé kí a máa yí wákàtí ìpàdé ká lóṣooṣù kí ìyà náà lè kárí. Fún àwọn tí ó kù, n kò rò pé ó yẹ, nítorí pé wákàtí tí ó rọ gbogbo wọn lọ́rùn wà, wákàtí tí ó sì ń yí kiri ni ó kó wa sínú wàhálà yìí. Fún un, ohun tí ó dára jù ni kí ìwé ohun tí a fẹ́ sọ dé ọwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ó kọ èrò rẹ̀ tàbí kí ó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́, kí ìbò kankan má sì parí títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé ìpàdé. Ààyè yẹn yóò ran ẹni tí nẹ́tíwọ́kì rẹ̀ já láàrin ìpàdé ní ilé lọ́wọ́ pẹ̀lú.

8. Kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ “láìsí àlàyé” àti ti “àṣà pípẹ́ lẹ́yìn” kúrò nínú àkọsílẹ̀ ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, kí ẹ sì kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ipò rẹ̀, ní ojú òpó kan náà tí ẹ ti kọ́kọ́ gbé e sí.

9. Kí ìpinnu lórí ibi tí a óò gbẹ́ kànga náà sí padà wá sí iwájú gbogbo ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ọdún 2026, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Nàìjíríà, kí ẹ má sì san ìdajì owó agbaṣẹ́ṣe tí ẹ ti ń múra láti san kí ọjọ́ náà tó dé. A ń retí èsì yín ní kíkọ, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní.

Tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé ẹ̀ka ilé, fún àwọn aṣojú márààrún.